Ta ló láyè láti fi fídíò yín ṣe tirẹ̀? Àlàyé lórí Duet, Stitch àti Remix

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń we gèlè fún ìyàwó ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ìyá Onígèlè ni ká máa pè é. Ó ya fídíò kan sórí TikTok, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 42 lọ. Níbẹ̀rẹ̀ fídíò náà, ó we gèlè kan tó wọ́, tó sì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lè rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọn kò bá fa etí gèlè le. Lẹ́yìn náà ló tú u, tó tún un wé, tí gèlè wá dúró dáadáa lórí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà rẹ̀ kan fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gé ìṣẹ́jú-àáyá 5 àkọ́kọ́ yẹn, ibi tí gèlè ti wọ́, ó wá jókòó síwájú fóònù tirẹ̀, ó ní: "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbowó lé lórí n'Ìbàdàn!" Ẹ̀rín ló kù. Ibi tí Ìyá Onígèlè ti tú gèlè tó sì tún un wé kò sí níbẹ̀ rárá, àwọn tó sì wo ti ẹlẹ́yà yẹn ti pọ̀ ju àwọn tó wo ojúlówó lọ.

Ohun tí obìnrin yìí kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n jí fídíò òun. Lójú TikTok, wọn kò jí i. Àyè wà nílẹ̀ fún ọmọkùnrin yẹn láti ṣe ohun tó ṣe, Ìyá Onígèlè fúnra rẹ̀ ló sì fún un láyè náà láìmọ̀. Bọ́tìnì kan wà tó ti wà ní ṣíṣí kí ó tó fi fídíò síta, kò sì fọwọ́ kàn án. Ibi tí àyè yẹn ti ń wá, bí a ṣe ń gbà á padà, àti ibi tí agbára wa mọ lẹ́yìn tí a bá gbà á padà, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. TikTok ni mo máa dúró lé jù, torí ibẹ̀ ni Duet àti Stitch ti wá. Màá kàn yà díẹ̀ sọ́dọ̀ Instagram àti YouTube.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Nínú Duet, fídíò méjì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tiyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti ẹni kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá dúró síwájú dígí kan. Bí ẹ bá ń kọrin, ó lè bá yín gbè é. Bí ẹ bá ń jó, ó lè jó pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀, ó lè jókòó kó máa fi ojú àti ẹnu dá yín lóhùn, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé fídíò yín ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Stitch yàtọ̀. Rírán ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, iṣẹ́ télọ̀ ló sì ń ṣe: ẹni náà á gé díẹ̀ lára aṣọ yín, á rán an mọ́ orí tirẹ̀, fídíò rẹ̀ á wá máa lọ láti ibẹ̀. Nígbà tí TikTok gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni èyí tó pọ̀ jù tí èèyàn lè gé. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó ń gé ló ń yan ibi tí yóò gé. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ àárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé Stitch ló léwu jù fún àwọn olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní nǹkan ní láti fi àṣìṣe hàn kó tó fi ọ̀nà tó tọ́ hàn, àṣìṣe yẹn nìkan sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá ẹ̀rín. Duet kò ní irú ewu yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Remix ni orúkọ tí Instagram fún irú nǹkan kan náà nígbà tí wọ́n mú un wọ Reels ní ọdún 2021. Níbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ara ni fídíò méjèèjì máa ń wà bíi ti Duet. Nígbà tó yá wọ́n fi àwọn ọ̀nà mìíràn kún un, títí kan èyí tí fídíò kan máa ń tẹ̀ lé èkejì. YouTube náà ń lo ọ̀rọ̀ Remix fún kí èèyàn mú ohùn tàbí àwòrán láti inú fídíò ẹlòmíràn lọ fi ṣe Shorts.

Gbogbo wọn ló máa ń fi orúkọ ẹni tó ni fídíò sílẹ̀. Tí wọ́n bá fi fídíò yín ṣe Duet, TikTok yóò kọ `#duet with @` àti orúkọ àkáǹtì yín sí i. Ti Stitch yóò jẹ́ `#stitch with @`. Orúkọ yìí ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára fídíò tí wọ́n kàn wà jáde sínú fóònù wọn tí wọ́n sì tún gbé síta bí ẹni pé tiwọn ni. Ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ yẹn. Ẹjọ́ tí a máa rò nísàlẹ̀ dá lé e lórí.

Ọwọ́ ta ni àṣẹ wà?

Ipele mẹ́ta ni àṣẹ yìí ní, èyí ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú.

Èkíní ni ọjọ́ orí. Láti oṣù kíní ọdún 2021, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: ẹnikẹ́ni kò lè fi fídíò rẹ̀ ṣe Duet tàbí Stitch, wọn kò sì lè wa fídíò rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá wà láàárín ọdún 16 sí 17, "Friends" ni TikTok máa ń fi sílẹ̀ fún un bí kò bá yí i padà. Àgbàlagbà ni wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí ọmọ náà kọ nígbà tó ń ṣí àkáǹtì ni wọ́n ń wò. Ọmọ ọdún 13 tó bá kọ pé òun jẹ́ ọdún 20 ti sọ ara rẹ̀ di àgbàlagbà níbẹ̀, kò sì sí bọ́tìnì tó máa dáàbò bò ó. Ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni àkáǹtì fúnra rẹ̀. Bí àkáǹtì bá jẹ́ "Private account", àwọn tí ẹ gbà wọlé nìkan ló ń rí fídíò yín, Duet àti Stitch kò sì ní ṣeé ṣe. Èyí dára fún fídíò ìdílé, àmọ́ kò wúlò fún ọlọ́jà. Ìyá Onígèlè ò lè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ó máa retí oníbàárà.

Ìkẹta ni fídíò kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi gbogbo àkáǹtì sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá ti èyí tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gé. Lójú tèmi, ibí ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ ti lo agbára rẹ̀ jù. Fídíò orin àti ijó ń jèrè lára Duet, torí gbogbo ẹni tó bá bá yín ṣe é ń gbé orúkọ yín kiri. Fídíò tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní àárín, tó sì jẹ́ pé òpin rẹ̀ ló ń fún ìbẹ̀rẹ̀ ní ìtumọ̀, ni kí ẹ ti Stitch rẹ̀ pa.

Bí a ṣe ń ṣe é

Fún gbogbo àkáǹtì, ẹ lọ sí ojú ìwé yín, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí:

```
Profile > ☰ > Settings and privacy > Privacy > Duet
Profile > ☰ > Settings and privacy > Privacy > Stitch
```

Lórí àwọn fóònù tí áàpù wọn ti di tuntun, wọ́n ti kó méjèèjì jọ sábẹ́ orúkọ kan, "Reuse of content". Bí ẹ kò bá rí Duet ní òun nìkan, èyí ni kí ẹ wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí ẹ bá yàn fún Duet, òun náà lẹ yàn fún Stitch, torí wọ́n ti di ọ̀kan.

Níbi tí wọ́n ti dá dúró, mẹ́ta lẹ máa rí: "Everyone", "Friends" àti "Only you". Gbogbo èèyàn ni èkíní, ẹ̀yin nìkan ni ìkẹta. Àárín ni ìdẹkùn wà. "Friends" lórí TikTok kì í ṣe àwọn tí ẹ mọ̀ nílé; ó jẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń tẹ̀ lé yín tí ẹ̀yin náà sì ń tẹ̀ lé padà. Àwọn ọlọ́jà wa sì fẹ́ràn "tẹ̀ lé mi kí n tẹ̀ lé ọ". Ẹni tó ti tẹ̀ lé ẹgbẹ̀rún méjì àjèjì padà, tó wá fi Duet sí "Friends", ẹgbẹ̀rún méjì àjèjì ló ṣí ilẹ̀kùn fún. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà yẹn, Ìyá Onígèlè rò pé òun ti tì í pa nígbà tó yan "Friends", ṣùgbọ́n òun àti ọmọkùnrin tó fi í ṣẹlẹ́yà yẹn ti jọ ń tẹ̀ lé ara wọn láti ìgbà pípẹ́.

Fún fídíò kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ gbé síta, kí ẹ tó tẹ "Post", ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Ẹ máa rí "Allow Duet" àti "Allow Stitch", tàbí kí ẹ tẹ "More options" kí ẹ tó rí wọn. Lórí ti tuntun, "Allow reuse of content" ló máa wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tì í pa. Fún fídíò tó ti jáde, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì `•••` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wọ "Privacy settings", kí ẹ ti ohun tí ẹ fẹ́ tì.

Ẹ má gbàgbọ́ pé ó ti wà ní títì títí ẹ ó fi dán an wò. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ gba fóònù ẹni tí ẹ kò jọ tẹ̀ lé ara yín, ẹ wá fídíò yín lórí rẹ̀, ẹ tẹ ọfà tí wọ́n fi ń pín nǹkan, kí ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀. Bí Duet àti Stitch kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣókùnkùn tí wọn kò sì dáhùn, iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ bá ti yí ti àkáǹtì padà, ẹ mú fídíò tuntun kan àti ti àtijọ́ méjì dán wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ti àtijọ́ náà ti yí. Lórí fóònù tiyín kò dára láti ṣe ìdánwò yìí, torí pé onílé kì í rí ilé rẹ̀ bí àlejò ṣe ń rí i.

Ohun tí bọ́tìnì kò lè ṣe

Bọ́tìnì yìí dà bí ìlẹ̀kùn tí ẹ tì lónìí. Ẹni tó ti wọlé lánàá, tó sì ti mú nǹkan jáde, kò kàn án. Bí Ìyá Onígèlè bá ti Stitch pa lónìí, fídíò ẹlẹ́yà ọjọ́ kẹta kò ní kúrò níbẹ̀. Kódà bó bá pa fídíò tirẹ̀ rẹ́ pátápátá, ti ọmọkùnrin yẹn ṣì wà, torí ó ti di fídíò tuntun lójú TikTok. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìbínú pa ojúlówó rẹ́, ìyẹn sì máa ń dùn mí, torí ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n pa. Ẹni tó wá wo ojúlówó láti mọ òtítọ́ kò ní bá nǹkan kan mọ́.

Wíwa fídíò jáde jẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀. Ó ní bọ́tìnì tirẹ̀ nínú `Privacy`, "Downloads". Bí Duet àti Stitch bá wà ní títì tí "Downloads" sì wà ní ṣíṣí, àjèjì lè wa fídíò náà sínú fóònù rẹ̀ kó fi áàpù mìíràn gé e, kó sì tún gbé e síta. Ìyẹn ló burú ju Stitch lọ, torí kò ní sí `#stitch with @`, kò ní sí orúkọ yín nínú àkọlé. Àmì TikTok àti orúkọ àkáǹtì tó máa ń hàn lára fídíò tí wọ́n wà jáde nìkan ló kù, ó sì rọrùn láti gé ìyẹn náà dànù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ti Stitch pa tó sì gbàgbé "Downloads" ti ti ilẹ̀kùn iwájú, ó fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ohùn náà dá dúró. Fídíò tí ẹ fi ohùn ara yín ṣe máa ń di "original sound" lórúkọ yín, ẹlòmíràn sì lè tẹ àwo orin kékeré tó ń yí nísàlẹ̀ fídíò kó lo ohùn náà fún tirẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe Duet, kì í ṣe Stitch. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn, ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò fọwọ́ kan àwòrán yín.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fóònù òde òní ń gba ohun tó ń lọ lójú rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí bọ́tìnì tó lè dá ẹni tó fẹ́ gba fídíò yín lójú fóònù tirẹ̀ dúró. Ohun tí títì ń ṣe ni pé ó ń mú kí ó nira fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ẹni tó ti pinnu láti mú un yóò mú un. Àwọn tó kàn ń kọjá ló pọ̀ jù, ìyẹn ni títì fi ṣì wúlò.

Bí wọ́n bá ti ṣe é ná

Ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Onígèlè. Àkọ́kọ́, kó mọ iye tó wà níta. Kó lọ sí ibi ìwákiri, kó kọ `stitch with @` àti orúkọ àkáǹtì rẹ̀, kó tún kọ ti `duet with @`. Kó sì wo ibi tí TikTok ti ń ròyìn fún un pé ẹnì kan lo fídíò rẹ̀. Mẹ́rin ló rí: obìnrin kan n'Ìlọrin tó ń kọ́ gèlè lára rẹ̀, ẹni kan tó ń yìn ín, ọmọkùnrin ẹlẹ́yà yẹn, àti àkáǹtì kan tí kò lo Stitch rárá, tó rí lọ́tọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí gbé gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 42 síta bí ẹni pé òun ló wé gèlè náà, ó sì ń gba oníbàárà.

Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn dà bí ọ̀ràn kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Nínú àdéhùn TikTok, èyí tí gbogbo wa máa ń tẹ "gbà" sí láìkà á, ẹ̀yin lẹ ni fídíò yín, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí àwọn lọ́yà ń pè ní kọ́píráìtì kò kúrò lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti fún TikTok láyè láti lò ó, ẹ sì ti jẹ́ kí ó fún àwọn mìíràn tó ń lo áàpù náà láyè láti fi í ṣe nǹkan tuntun. Ọmọkùnrin tó lo Stitch lò ó nígbà tí bọ́tìnì wà ní ṣíṣí. Bí Ìyá Onígèlè bá fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ pè é lẹ́jọ́, ẹsẹ̀ ẹjọ́ náà kò ní fìdí múlẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, náà fàyè gba lílo iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ìwọ̀n tó tọ́ fún àríwísí àti àfiṣeyẹ̀yẹ́. Òfin yìí kì í gbani lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un lórí ọ̀ràn ọmọkùnrin yẹn ni kó fi ẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ TikTok lábẹ́ ìyọlẹ́nu àti ìpẹ̀gàn, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá ẹ̀rín lásán sí èébú tàbí ìhàlẹ̀. Kó dí i pa pẹ̀lú "Block", nítorí ẹni tí ẹ bá ti dí pa kò lè rí fídíò yín mọ́ láti gé tuntun. Ó sì tún lè lo ohun ìjà kan náà: kó fi fídíò ẹlẹ́yà yẹn ṣe Stitch tàbí Duet tirẹ̀, bí ọmọkùnrin náà kò bá ti tì í, kó wá fi ìyókù ojúlówó hàn, ibi tí gèlè ti dúró. Èmi á yan èyí ṣáájú ẹ̀sùn. Àwọn tó rẹ́rìn-ín nílò òpin ìtàn tí wọn kò rí.

Ti àkáǹtì tó gbé gbogbo rẹ̀ síta yàtọ̀ pátápátá. Kò lo ohun tí TikTok là sílẹ̀, ó wa fídíò jáde, ó sọ pé tòun ni. Níbí ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti lágbára. Kó ṣí fídíò náà, kó tẹ "Report", kó wá ibi tó ní "intellectual property", kó sì tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù tó máa jáde. Wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i, lìǹkì ojúlówó, lìǹkì àdàkọ, àti ọ̀rọ̀ tó fi jẹ́rìí pé òótọ́ ni òun sọ. Kí ó ti ní mẹ́ta lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: lìǹkì méjèèjì, ọjọ́ tí òun gbé tirẹ̀ síta, àti fídíò tó yà gan-an nínú fóònù, èyí tí kò ní àmì TikTok lára. Ẹni tó jí fídíò kì í ní èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí mo bá ya fídíò pé kí wọ́n má pa ti inú fóònù rẹ́. Òfin 2022 náà là á sílẹ̀ pé ẹni tó ni iṣẹ́ lè kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà sórí ayélujára pé kí wọ́n mú un kúrò, tí ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òótọ́ lòun sọ.

Àkíyèsí kan tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà: orin. Bí Ìyá Onígèlè bá fi orin olórin kan sí fídíò rẹ̀, orin yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kò lè fẹ̀sùn kan ẹni tó lo orin náà; iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti àwòrán tó yà nìkan ni kó mẹ́nu bà. Bó bá kọ pé gbogbo rẹ̀ ni tòun, ẹni tó fẹ̀sùn kàn lè kọ̀wé padà láti jiyàn, ẹjọ́ tó dára á wá bà jẹ́ lórí ohun tí kò ṣe pàtàkì.

Instagram àti YouTube ní kúkúrú

Lórí Instagram, àkáǹtì tó ṣí sí gbogbo èèyàn nìkan ni Remix ń ṣiṣẹ́ lé. Ní oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n fi àwòrán tí kì í rìn kún un, nítorí náà kì í ṣe fídíò nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́ níbẹ̀. Ẹ wọ ibi ètò àkáǹtì, ẹ wá ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ "remix" wà lórí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pínpín. Reels àti àwọn àwòrán ní bọ́tìnì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fún Reel kan, ẹ tẹ àmì `•••` lára rẹ̀, ẹ sì tì í níbẹ̀. Wíwà jáde náà wà nítòsí wọn, ẹ má fò ó.

YouTube kò fi tirẹ̀ sí ibi tí ojú ń tètè rí. Fún fídíò gígùn, ẹ lo YouTube Studio lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ `Content`, ẹ yan fídíò náà, ẹ tẹ `Show more`, ẹ wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí "Shorts remixing". Ẹ lè gbà kí wọ́n mú àwòrán àti ohùn, kí ẹ gbà kí wọ́n mú ohùn nìkan, tàbí kí ẹ kọ̀ pátápátá. Àwọn tó ń gbé ìwàásù tàbí ẹ̀kọ́ wákàtí kan síta ni mo ń bá wí jù níbí, torí inú wákàtí kan ni ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó burú ti rọrùn jù láti rí.

Ojú tí kì í ṣe tiyín

Nǹkan kan ṣì kù tí bọ́tìnì kò kàn. Orí tí Ìyá Onígèlè we gèlè náà lé jẹ́ orí ìyàwó kan. Ojú rẹ̀ hàn kedere ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 yẹn, òun ni gbogbo ayé ń fi ṣẹ̀fẹ̀, kò sì ní bọ́tìnì kankan. Àkáǹtì Ìyá Onígèlè ló ni àṣẹ lórí fídíò; ìyàwó kò lè ti Stitch pa, kò lè pa fídíò rẹ́, kò tilẹ̀ lè mọ̀ bí wọ́n bá ti gé e.

Nítorí náà, ìyá náà ti yí bó ṣe ń ṣe é padà. Kó tó gbé fídíò ìyàwó síta, ó máa ń fi í hàn án lórí fóònù, ó sì máa ń béèrè ohun méjì: ṣé kí n gbé ojú yín síta, àti ṣé kí n jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lò ó? Ìyàwó míì á ní kó ṣí i, torí òun fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun fi ṣe Duet. Òmíràn á ní rárá. Èyí tó bá ní rárá, Stitch, Duet àti "Downloads" ni wọ́n ń tì pa kó tó tẹ "Post". Àṣìṣe gèlè tó fẹ́ fi kọ́ni sì ti kúrò lórí ìyàwó: orí igi tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn aṣọ ló ń we èyí tó wọ́ lé báyìí, orí èèyàn ló ń we èyí tó dúró lé.